Ìgbà wo ni kí n sọ ìdí tí ọ̀tá inú ìtàn mi fi ń ṣèkà?

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Kábà níbí ni mo wà. Mo ń kọ ìtàn àròsọ onídán kan, ọ̀tá inú rẹ̀ ló há mi lọ́wọ́.

Iwin olójú iná ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ ilé wa nígbà tí mo kà á fún wọn, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Àgbákò Fágúnwà ní ojú mẹ́rìndínlógún, ta ló lè gbàgbé ìyẹn? Ojú iná tèmi, gbogbo iwin ló ní in.

Mo wá fi ìyá kan rọ́pò rẹ̀. Ó ń jí ohùn ọmọ ọlọ́mọ sínú kèrègbè. Lóru, á ṣí ìdérí rẹ̀ sí ẹnu ọmọ tirẹ̀ tó yadi. Ìyá yìí ni àwọn ọmọ ilé wa ń béèrè lójoojúmọ́, torí wọ́n mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n débi pé ẹ̀rù rẹ̀ ò bà wọ́n mọ́. Mo jẹ́ kó túbọ̀ rorò, ló bá dà bí ẹlòmíràn. Orí kìíní ni mo ti sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Ṣé kí n pa ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́ títí ìyá yìí yóò fi jí ohùn ẹni tí a fẹ́ràn jù, àbí kí n fi í síbi tó wà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.