Gìtá ń bo ohùn mi mọ́lẹ̀ nínú fóònù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Orin tuntun kan sọ sí mi lọ́kàn lánàá, mo sì fẹ́ gbà á sílẹ̀ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti pa fáànù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí ni mo jókòó sí, kò sì sí gbohùngbohùn mọ́.

Nígbà tí fóònù wà lórí tábìlì, ihò tó fi ń gbọ́ ohùn, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kọjú sí ihò gìtá. Gìtá wá ń dún bí ìlù, ohùn mi sì dà bí ti ẹni tó wà ní yàrá kejì. Mo to ìwé jọ, mo gbé fóònù lé e débi àgbọ̀n mi, mo sì kọjú ihò fóònù náà sí ẹnu mi. Ohùn jáde, inú mi dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n níbi ègbè, tí mo bá gbé ohùn sókè, ó ń fọ́. Bí mo bá sún fóònù sẹ́yìn tó mítà kan, kì í fọ́ mọ́, àmọ́ níbi tí mo ti ń kọrin jẹ́jẹ́, fóònù fúnra rẹ̀ á gbé gbogbo ariwo sókè, títí kan alùpùpù tó ń kọjá.

Mi ò fẹ́ gba gìtá lọ́tọ̀, torí orin ni ọwọ́ mi ń tẹ̀ lé. Ṣé kí n dúró ní ìdajì mítà, kí n máa yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ègbè, àbí kí n fi àtàǹpàkò ta okùn gìtá kó lè dún jẹ́jẹ́?