Ṣé ìdójútòfò ni, àbí ìdúró? Orúkọ tó yẹ ohun tí NDIC ń ṣe

Àṣàkẹ́, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìròyìn ni mò ń kà lórí rédíò. Kí ni ká máa pe dìpọ́síìtì ìnṣọ́ránsì tí àjọ NDIC ń ṣe, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó lówó ní báǹkì tó bá kógbá sílé? "Ìdójútòfò owó ìfipamọ́" ni mo kà. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ san dífídẹ́ńdì fún àwọn tó lówó ní Báǹkì Heritage tó kógbá sílé, mo kà á ní "èrè." Bàbá kan bá pè wá pé èrè wo, nígbà tí owó òun gan-an kò tíì pé. N kò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Àkànní, Abẹ́òkúta

Àṣàkẹ́, má yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Ìdójútòfò ni gbogbo wa ń pe ìnṣọ́ránsì, ó ti wà lẹ́nu ará ìlú tipẹ́. Tú u palẹ̀, wàá rí i: ohun tó ń dójú ti òfò. Òfò fẹ́ ṣe ọ́, wọ́n sanwó fún ọ, ojú ti òfò. Ohun tí NDIC ń ṣe náà nìyẹn. Mílíọ̀nù 5 náírà ni wọ́n ń san lórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 10, kó pín in sí àkáǹtì méjì, òfò kò ní rí ibi gbà wọlé.

Bàbá Àlàó, Ìbàdàn

Àkànní, ibi àkáǹtì yẹn lo ti ṣìnà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ pàdánù owó. Iṣẹ́ báǹkì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe àkáǹtì ni wọ́n ń kà, orí èèyàn ni. Gbogbo owó tí ẹnì kan ní lórúkọ ara rẹ̀ nínú báǹkì kan, ì báà wà ní ẹ̀ka Dùgbẹ̀, ì báà wà ní ti Ìkẹjà, wọn á rò ó pọ̀ kí wọ́n tó wò ó bóyá ó kọjá mílíọ̀nù 5. Tó bá fẹ́ pín in, inú báǹkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó pín in sí. Àmọ́ wọ́n ń ka àkáǹtì tí tọkọtaya jọ ní lọ́tọ̀ sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo aláṣọ kan ní Gbági. Mílíọ̀nù 2 àti 300,000 wà nínú séfíìnsì rẹ̀, mílíọ̀nù 4 àti 100,000 wà nínú kọ́rẹ́ńtì tó fi ń rajà, ó sì fi mílíọ̀nù 1 àti 600,000 sílẹ̀ fún oṣù 6 kó lè pa èlé. Mílíọ̀nù 8 ni gbogbo ẹ̀. Ká sọ pé Heritage ló kó o sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ báǹkì náà, wọ́n fà á lé NDIC lọ́wọ́ pé kó palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni NDIC ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni wá kọ fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà BVN ni wọ́n fi wá àkáǹtì tí onítọ̀hún ní ní báǹkì mìíràn, wọ́n sì san án síbẹ̀. Fóònù á kàn dún lórí àtẹ, àlàáàtì á wọlé. Ẹni tí kò ní BVN, tàbí tí kò ní àkáǹtì níbòmíràn, ló ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Mílíọ̀nù 5 ló máa rí gbà ní wàràwàrà yẹn. Oríire ńlá ni, torí pé oṣù tó ṣáájú ẹ̀ ni NDIC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò ní 500,000. Ká ní báǹkì yẹn kógbá sílé ní oṣù kẹrin, 500,000 náírà péré ni ì bá tètè tẹ obìnrin náà lọ́wọ́.

Ó wá ku mílíọ̀nù 3. Ibẹ̀ ni dífídẹ́ńdì rẹ ti wọlé, Àṣàkẹ́. NDIC ń ta ilé àti dúkìá tí báǹkì fi sílẹ̀, ó ń lépa àwọn tó yáwó níbẹ̀ tí wọn ò san án, ohun tó bá sì rí kó jọ ló ń pín fáwọn tí owó wọn ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó kéde bílíọ̀nù 46.6 náírà. Kọ́bọ̀ 9.2 ló kan náírà kọ̀ọ̀kan. Nínú mílíọ̀nù 3 aláṣọ wa, 276,000 ló jẹ́. Mílíọ̀nù 2 àti 724,000 ṣì wà níta lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá tó pè yín sọ òótọ́. Ta ló máa bu díẹ̀ fún èèyàn nínú owó ara rẹ̀, tí á sì pè é ní èrè? "Ìpín" ni kí o máa kà.

Àkànní, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, sà. Mo ti gba ti àkáǹtì. Ṣùgbọ́n "ìpín" nìkan ṣófo, èèyàn á tún bi wá pé ìpín kí ni. Báǹkì ti kú, wọ́n ń pín ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé "ìpín ogún" ló bá a mu?

Bàbá Àlàó, Ìbàdàn

Rárá o. Bí èèyàn bá kú, tó sì jẹ gbèsè, ṣé àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ń pín ilé ni? Àwọn tí òkú jẹ lówó ló ń kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aláṣọ yẹn kì í ṣe ọmọ olóògbé. Àwọn tó ra ṣíà báǹkì ni ọmọ olóògbé, àwọn ló kẹ́yìn, ó sì ṣeé ṣe kí nǹkan kan má kù kàn wọ́n. Tí o bá pè é ní ogún, o ti sọ ẹni tí báǹkì jẹ lówó di ajogún, o ti tì í sẹ́yìn ìlà.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ dákun, mo rí i pé NDIC lẹ ń sọ. Èmi náà ní owó níta. Àwọn kan gba ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà wa, wọ́n kọ máíkírófáínáǹsì sára ògiri. Ọmọbìnrin kan máa ń wá gba 2,000 lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, á kọ ọ́ sínú káàdì pélébé kan, á bu ọwọ́ lù ú. Ó di 186,000 náírà. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Káàdì náà nìyí níwájú mi, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fò. Ṣé ọ́fíìsì NDIC ni kí n gbé e lọ kí wọ́n fún mi ní mílíọ̀nù 5 náà?

Bàbá Àlàó, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò. Kì í ṣe pé wọ́n ń fún olúkúlùkù ní mílíọ̀nù 5. Iye tí èèyàn ní níbẹ̀ ni wọ́n ń san, mílíọ̀nù 5 sì ni ibi tó dúró sí fún àwọn báǹkì ńlá. Mílíọ̀nù 2 ni ti máíkírófáínáǹsì. 186,000 yín ì bá pé pérépéré, bó bá jẹ́ pé ilé yẹn gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀. Orúkọ àwọn tó gba àṣẹ wà lórí ìkànnì Báǹkì Àpapọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín wo orúkọ tó wà lórí káàdì yẹn gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, torí àwọn oníjìbìtì máa ń fi orúkọ jọ orúkọ.

Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, NDIC ò lè san án, ọlọ́pàá lẹ máa mú káàdì náà lọ fún. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ lọ fẹjọ́ sùn, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àgádágodo nìkan ò tó fún NDIC láti máa sanwó. Ìgbà tí Báǹkì Àpapọ̀ bá gba ìwé àṣẹ ilé náà ni iṣẹ́ NDIC tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Àdùkẹ́, Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ tí Àṣàkẹ́ béèrè, torí ohun tí Bàbá sọ nípa gbèsè ló là mí lójú. Olùkọ́ Yorùbá ni mí, "ìfipamọ́" ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi iṣu mẹ́wàá pamọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà, iṣu mi ló ṣì jẹ́, kò lè gún un níyán. Báǹkì ń gún un. Ó ń fi owó wa yá ẹlòmíràn, àdéhùn náà sì ni pé á san án fún wa nígbà tá a bá bi í. A jẹ́ pé gbèsè wa ló wà lọ́rùn báǹkì, NDIC sì ni ẹni tó dúró fún un. Onídùúró ni.

Ẹ tún wo ibi tí owó ti ń wá. Ẹni tó bá ṣe ìdójútòfò ọkọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó ọdọọdún. Níbí, báǹkì ló ń san tiẹ̀ fún NDIC. Aláṣọ Gbági kò fọwọ́ síwèé kankan, ó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Bàbá Àlàó, Ìbàdàn

Àdùkẹ́, o kú làákàyè. Ohun kan tún wà tó ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. Bí onídùúró bá san gbèsè tán, ẹ̀yìn ẹni tó jẹ gbèsè ló ń yí sí. NDIC náà, tó bá ti san mílíọ̀nù 5 fún obìnrin yẹn, ẹ̀tọ́ tí obìnrin náà ní lórí mílíọ̀nù 5 yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ NDIC, òun náà á wá gba tirẹ̀ nínú ohun tí báǹkì fi sílẹ̀.

Àkànní, Abẹ́òkúta

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Onídùúró tí èmi mọ̀, tó bá ti fọwọ́ síwèé, gbogbo gbèsè ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ sọ pé eléyìí dé mílíọ̀nù 5, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí ìdójútòfò bá ṣèlérí ju bó ṣe yẹ lọ, ìdúró ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí Àṣàkẹ́ bá sọ "onídùúró" lórí rédíò, àgọ́ ọlọ́pàá lọkàn àwọn èèyàn á lọ.

Àdùkẹ́, Ifẹ̀

Ti àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, mo gbà. Ti iye ọ̀hún, ṣebí onídùúró lè sọ ibi tí ẹsẹ̀ òun gùn dé kó tó fọwọ́ síwèé. Ó sì lè sọ ẹni tí òun ò ní dúró fún. Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé NDIC kì í san ti àwọn ọ̀gá báǹkì náà fúnra wọn?

Bàbá Àlàó, Ìbàdàn

Òótọ́ ni. Owó àwọn dáírẹ́kítọ̀ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi sínú báǹkì tiwọn kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí èèyàn fi dúró gẹ́gẹ́ bí ògò láti yáwó níbẹ̀. Ní tèmi, ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé kí ìwọ̀n náà hàn nínú ọ̀rọ̀, ohun yòówù kẹ́ ẹ pè é. Mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n gbọ́ "NDIC ń dáàbò bo owó yín," tí wọ́n sì kó owó ilé tí wọ́n tà sínú báǹkì kan ṣoṣo.

Àṣàkẹ́, Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún ìròyìn aago 6 ìrọ̀lẹ́ nìyí: "Àjọ NDIC, tó máa ń dúró fún owó àwọn èèyàn ní báǹkì, dé mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú báǹkì kọ̀ọ̀kan, ni yóò pín díẹ̀ nínú owó tó kù fún àwọn tí Báǹkì Heritage jẹ." Mo fi "dúró fún" ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, mi ò dárúkọ onídùúró. Ó gùn, ọ̀gá mi á ráhùn. Tí Bùọ̀dá Àkànní bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gba gbogbo ẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí aago 5 tó lù.

Àkànní, Abẹ́òkúta

"Ìdójútòfò aláàlà." Mo mọ̀ pé Àdùkẹ́ ò ní gbà.