Ọjọ́ wo ni kí n kọ sínú àkópọ̀ fáìlì ẹ̀sùn yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń ṣe àkópọ̀ fáìlì kan láì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ náà ní wọ́n ti gé owó oṣù kẹta òun kí wọ́n tó fún òun ní kúẹ́rì. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun fi lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Ẹ̀dà kúẹ́rì wà nínú fáìlì, ọjọ́ 19 ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí òṣìṣẹ́ buwọ́ lù ṣófo. Ìwé tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà ní tirẹ̀ fi ọjọ́ 2 oṣù kẹrin hàn, pẹ̀lú ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n dá owó padà, wọn ò sọ èwo nínú ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n gbà gbọ́.

Mo kọ́kọ́ kọ “ó gba kúẹ́rì ní ọjọ́ 19”, ìdájọ́ nìyẹn. Mo yí i sí “ó sẹ́ pé òun ò gbà á”. Ìyẹn tún dún bí ẹni pé ó ń purọ́.

Ṣé kí n kọ ọjọ́ méjèèjì sínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìṣẹ̀lẹ̀, kí n sọ ìwé tí mo ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àbí abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan ló yẹ kí wọ́n wà?