Ilé ní Lọ́ńdọ́nù, ilé-iṣẹ́ BVI lórí ìwé: kí lẹ ti rí fà yọ?

Ọmọ Ọ̀wu
Ẹ kú alẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín níbí ń bá lọ́yà àti oníròyìn wá ìwé. Tí ẹ bá rí i pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní British Virgin Islands, ìyẹn BVI, ló ni ilé kan ní Lọ́ńdọ́nù, kí lẹ máa ń rí dì mú nínú ìwé ẹ̀? Kálukú kó sọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Arẹ̀mú
Òfo. BVI kì í sọ nǹkan kan.

Kúnlé Oníwèé
Ó ń sọ díẹ̀, Arẹ̀mú, àmọ́ kì í ṣe Tọ́tólà, erékùṣù BVI tí ìwé wọn wà, la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀dà ìwé ilé náà lọ́dọ̀ HM Land Registry. £7 ni báyìí, £3 ni títí di oṣù Kejìlá 2024. Apá B ni kí ẹ kà dáadáa. Bó ṣe máa ń rí nìyí, mo yọ orúkọ kúrò:

```
(12.05.2009) PROPRIETOR: ... LIMITED
(incorporated in British Virgin Islands)
of c/o ..., Road Town, Tortola
The price stated to have been paid
on 28 April 2009 was £610,000.
```

Ọjọ́ tó wà nínú àmì akọ́mọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ bí onílé. Àdírẹ́sì Road Town yẹn, ti ẹ́jẹ́ńtì tó ń bá wọn tọ́jú ìwé ni, onílé ò sí níbẹ̀. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ fún gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `After 31 January 2023 no disposition`. Ohun tó ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ yẹn ò lè ta ilé, kò lè fi dúró gba owó yá, kò sì lè fi háyà kọjá ọdún 7, àfi tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní Companies House, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní UK, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tàbí tí òfin bá yọ̀ǹda ẹ̀. Nọ́ńbà irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `OE`. Tẹ́ ẹ bá fi wá a lórí Companies House, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀.

Arẹ̀mú
Ó dáa. Èyí tí ò bá wá ní OE, arúfin ni. Ọ̀rọ̀ pin.

Kúnlé Oníwèé
Kò pin o. Àwọn tó di onílé láti 1 oṣù Kìíní 1999 ni òfin mú ní Ẹńgíláǹdì àti Wéèsì. Ti Sìkọ́tíláǹdì, 8 oṣù Kejìlá 2014 ni. Ilé-iṣẹ́ tó ra ilé ẹ̀ ní 1997, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú OE níwọ̀n ìgbà tí kò bá ra òmíràn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wo ọjọ́ inú àmì akọ́mọ́ nìyẹn. Nígbà míì sì rèé, wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ìwé ilé ni kò tíì fi hàn. Ẹ wá orúkọ yẹn ní Companies House kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní arúfin.

Àjíkẹ́ Pẹ́kàmù
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ BVI ló ni fúláàtì tí mò ń gbé. Omi ń jò látòrùlé, ẹni tó ń gba owó ilé sì ní òun ò lè fún mi ní àdírẹ́sì onílé. Ta ni kí n kọ̀wé sí?

Ìyá Lọ́yà
Àjíkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń gba owó ilé yẹn gan-an ni kó o kọ̀wé sí. Abala 1 òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 sọ pé tó o bá fi ìwé béèrè, ó gbọ́dọ̀ fún ẹ ní orúkọ àti àdírẹ́sì onílé láàárín ọjọ́ 21. Tó bá kọ̀ láìní ìdí, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Tí onílé bá wá jẹ́ ilé-iṣẹ́, abala 2 tún jẹ́ kó o béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo olùdarí ẹ̀ àti akọ̀wé ẹ̀, ọjọ́ 21 náà ni.

Kúnlé Oníwèé
Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Lọ́yà. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ò mọ̀ pé ayálégbé lẹ́nu báyìí.

Bísí
Ẹ tún fi abala 48 òfin onílé àti ayálégbé ti 1987 kún un. Tí onílé ò bá fún ẹ ní àdírẹ́sì kan ní Ẹńgíláǹdì tàbí Wéèsì tó o lè fi ìwé ránṣẹ́ sí, kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ilé. Kò pọn dandan kó o san án.

Ìyá Lọ́yà
Bísí, díẹ̀díẹ̀. Gbèsè yẹn ò parẹ́, ó kàn ń dúró ni. Ọjọ́ tó bá fún un ní àdírẹ́sì, gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àdírẹ́sì ẹ́jẹ́ńtì sì tó fún abala yẹn. Àjíkẹ́, má ná owó ilé o.

Ọmọ Ọ̀wu
Ẹ jẹ́ ká padà sórí OE. Ṣé orúkọ ẹni tó ni ín gan-an ló máa ń wà níbẹ̀?

Kúnlé Oníwèé
Nígbà míì. Ẹ ó rí orúkọ, oṣù àti ọdún ìbí láìsí ọjọ́, orílẹ̀-èdè, àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà. Ẹni tí ìpín ẹ̀ bá ju 25% lọ ni wọ́n ń kọ. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ ìyá márùn-ún, kálukú ní 20%. Kò sẹ́ni tó kọjá ààlà, kò sẹ́ni tí wọ́n máa kọ. Orúkọ àwọn olùdarí ni wọ́n máa fi rọ́pò, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní erékùṣù Jersey sì ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ tírọ́ọ́sì ni, ìyẹn kí ẹnì kan máa di dúkìá mú fún ẹlòmíràn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ tírọ́ọ́sì lẹ máa bá lójú ìwé. Láti ìparí oṣù Kẹjọ 2025 ni aráàlú ti lè kọ̀wé béèrè ohun tó wà lẹ́yìn tírọ́ọ́sì, àmọ́ béèrè ni, kò sí lójú ìwé.

Bísí
Mi ò gbà fún yín lórí 20% yẹn, ẹ̀gbọ́n. Òfin tún mú ẹni tó bá ń darí ilé-iṣẹ́ láìní ìpín kankan. Bí bàbá wọn bá ṣì ń pàṣẹ, orúkọ ẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀.

Kúnlé Oníwèé
Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa fi hàn pé ó ń pàṣẹ?

Bísí
Lẹ́tà tó kọ sí báńkì. Apá C ìwé ilé máa ń sọ báńkì tó yá wọn lówó.

Kúnlé Oníwèé
Báńkì ò ní fún yín ní lẹ́tà kankan láìsí àṣẹ kóòtù.

Arẹ̀mú
Èmi ti rí ilé-iṣẹ́ méjì, ẹ́jẹ́ńtì kan náà, àpótí lẹ́tà kan náà ní Road Town. Ẹnì kan náà ló ni wọ́n.

Dàpọ̀
Rárá o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ ló wà lórí àdírẹ́sì ẹ́jẹ́ńtì kan. Tẹ́ ẹ bá san owó wá ìwé ní BVI, ìwé ìdásílẹ̀, ìwé òfin ilé-iṣẹ́, orúkọ ẹ́jẹ́ńtì, àti bóyá wọ́n ń san owó ọdọọdún lẹ máa rí. Láti oṣù Kìíní 2023, a tún lè béèrè orúkọ àwọn olùdarí tó wà nípò báyìí. Ti onípìn-ín, ẹ ò ní rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ìpín 50,000 tó wà nínú ìwé òfin tàn yín: owó ìjọba máa ń gbé sókè tó bá kọjá 50,000, ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń kọ iye kan náà. Ìpín kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n fún èèyàn nínú ẹ̀. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí wọ́n bá yí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí pààrọ̀ ẹ́jẹ́ńtì ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ra ilé, tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n wá dá a padà kí wọ́n tó tà á, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ọmọ Ọ̀wu
P&ID, ilé-iṣẹ́ tó bá Nàìjíríà ṣẹjọ́, ṣebí BVI náà ni?

Dàpọ̀
BVI ni. Àmọ́ kì í ṣe ìwé Tọ́tólà ló tú àṣírí wọn. Ìwé báńkì tí Nàìjíríà gba àṣẹ kóòtù Amẹ́ríkà fún wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́, tí adájọ́ ní Lọ́ńdọ́nù fi rí i ní 23 oṣù Kẹwàá 2023 pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ owó yẹn.

Àjíkẹ́ Pẹ́kàmù
Ìyá Lọ́yà, ọjọ́ 21 yẹn, ìgbà wo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Lọ́yà
Ọjọ́ tí ìwé bá dé ọwọ́ ẹ̀. Fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á ti buwọ́lù ú, kó o tọ́jú rìsíìtì.