Eélòó ni kí n máa gbà fún wákàtí kan nínú iṣẹ́ gíráfíìkì?

Àdùkẹ́, Mánṣẹ́sítà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àtijọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni mo ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ tí mo ń dá iṣẹ́ gíráfíìkì ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kó máa kù sí mi lọ́wọ́ lóṣooṣù, lẹ́yìn owó orí, ni £2,200. Mo pín owó yìí sí 40 wákàtí lọ́sẹ̀, ó fún mi ní nǹkan bíi £13, mo wá fi díẹ̀ lé e, mo ń gba £15. Iṣẹ́ ń wọlé, síbẹ̀ oṣù kan a kún, èkejì a gbẹ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Èyí kò gba ìṣirò kankan. Ẹ wo iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń gbà, kí ẹ sì mú èyí tó wà láàárín.

Ìyá Ṣadé, Hiúsítìnì: Àwa aránṣọ kì í dá iṣẹ́ láìgba ìdajì owó. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, wọn kò ní lè jẹ yín ní gbèsè.

Kọ́lá, Líìdì: Ìyá Ṣadé, ìmọ̀ràn gidi ni, àmọ́ gbèsè kọ́ ni Àdùkẹ́ ń bèèrè. Ti Bàbá Ìbejì náà ní òótọ́ nínú: ọjà ló máa sọ ibi tí iye rẹ lè gòkè dé, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí o kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá.

Àdùkẹ́, wákàtí tí o fi jókòó kọ́ ni wákàtí tí ẹnìkan ń sanwó fún. Nígbà tí mo kọ tèmi sílẹ̀ fún oṣù kan, ìpàdé, èsì lẹ́tà, dídá iye lé iṣẹ́ tí wọn kò gbé fún mi níkẹyìn, àti lílépa owó ló gbé ìdajì ọ̀sẹ̀ lọ. Ká fún ọ ní 20 wákàtí lọ́sẹ̀. Yọ ọ̀sẹ̀ 6 kúrò nínú ọdún fún ìsinmi àti àìsàn, ó ku 46, èyí tó jẹ́ 920 wákàtí lọ́dún.

£2,200 lóṣù jẹ́ £26,400 lọ́dún. Ìjọba kì í gba owó orí lórí £12,570 àkọ́kọ́. Lórí èyí tó lé, wọn yóò gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú 6 fún owó adójútòfò orílẹ̀-èdè. Nítorí náà èrè rẹ ní láti tó £31,260. Fi £3,600 kún un fún kọ̀ǹpútà, àwọn ètò tí o ń san owó wọn lóṣooṣù, àti ẹni tó ń bá ọ ṣe ìwé owó. Àpapọ̀ jẹ́ £34,860. Pín in sí 920, wàá rí bíi £38. Ilẹ̀ rẹ nìyẹn, iye tí o kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá.

Àdùkẹ́: Ha! £15 ni mò ń gbà.

Kọ́lá: Nǹkan kan tún wà tó máa ń ká àwọn tuntun mọ́. Bí èrè rẹ bá tó £31,260, owó orí àti owó adójútòfò ọdún àkọ́kọ́ yóò tó £4,860, ṣùgbọ́n ní 31 oṣù kìn-ín-ní, wọn yóò tún béèrè ìdajì rẹ̀ ṣáájú fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi £7,290 ni yóò jáde lọ́jọ́ kan. Ohun tó lè gbà ọ́ ni pé kí o máa ya £405 sọ́tọ̀ lóṣooṣù sínú àkáǹtì mìíràn, kí o sì máa fi bíi £200 kún un lóṣooṣù ní ọdún àkọ́kọ́.

Ní ti oṣù tó ń gbẹ, iye wákàtí nìkan kò lè wò ó sàn. Wá oníbàárà méjì tí iṣẹ́ wọn kì í tán, kí wọ́n máa ra 20 wákàtí lóṣù ní £760 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n san án lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ìyẹn £1,520, ó ju ìdajì £2,905 tó yẹ kó wọlé lóṣù lọ.

Bàbá Ìbejì: Bí wọn kò bá lo gbogbo wákàtí náà ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n lè gbé e wọ oṣù tó ń bọ̀.

Kọ́lá: Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Oníbàárà kan kó wákàtí oṣù mẹ́ta jọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé mi lórí ní oṣù Kérésìmesì. Láti ìgbà náà, èyí tí ẹ kò lò ti lọ.

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn le jù. Èmi ì bá jẹ́ kí oníbàárà náà gbé wákàtí oṣù kan péré kọjá.

Àdùkẹ́: Ilé oúnjẹ kan wà tí mò ń ya ìwé oúnjẹ fún lóṣooṣù. Ó ti sọ pé òun yóò san owó ṣáájú bí mo bá yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún òun.

Kọ́lá: Bí o bá yọ ọ́ lára £38, £34.20 ni yóò kù, o ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ nìyẹn. £42 ni kí o pè fún iṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wá yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ń sanwó ṣáájú, £37.80 ni, kò sì jìnnà sí £38.

Àdùkẹ́: Àwọn tó mọ̀ mí sí £15 ńkọ́?

Kọ́lá: Ẹni tuntun ni kí o kọ́kọ́ pe £42 fún. Àwọn ti tẹ́lẹ̀, kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn kan yóò lọ.