Irun mi ò dán mọ́, ó sì ń lọ́ pọ̀ látìgbà tí mo kó dé ilé tuntun, ṣé omi ni àbí ṣámpù?

Àdùnní: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ irun yìí. Látìgbà tí mo ti kó dé ilé tí mo wà báyìí ni irun mi ti yí padà, kò dán mọ́, ó le, tí mo bá sì ti fọ̀ ọ́ tán ńṣe ló máa ń lọ́ mọ́ra débi pé òòyà ò ní kọjá, ẹ̀yìn ọrùn ló wá burú jù. Mi ò yí ṣámpù padà o, kọndíṣọ́nà àti òróró mi náà ò yí padà. Tí mo bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn tó gbẹ ó ń ṣe bíi pé nǹkan kan bò ó lára. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nílé yìí, nǹkan funfun sì ti lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fọ irun lójoojúmọ́, ẹlòmíì ní òróró ni mi ò fi sí i tó, èwo ni kí n gbọ́ níbẹ̀? Irun tí mo fi rìláàsà nà ni o.

Mọ̀mí Tèmi: Omi ilé yẹn ni, mo fọwọ́ sọ̀yà! Omi líle ni. Wá ṣámpù tó máa ń fọ gbogbo gírísì kúrò, kì í ṣe èyí tó rọra ń fọ̀, fi fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Tí o bá sì fẹ́ kó yá, po báìkábù mọ́ omi kí o dà á sórí, ó máa fà á jáde pátápátá.

Bọ̀dá Láńre: Mọ̀mí Tèmi, ẹ gba apá kan, òmíràn ló ṣe díẹ̀ káàtó. Òótọ́ ni pé omi líle ló jọ, kẹ́tù yẹn ti fẹjọ́ sùn. Kálísíọ́mù àti màgnísíọ́mù ló wà nínú omi náà, irun tó tutù sì máa ń fà wọ́n mọ́ra, èyí tí wọ́n ti fi rìláàsà nà tàbí tí wọ́n ti pa láró ló ń gbà wọ́n jù. Tó bá wá jẹ́ ọṣẹ gidi lèèyàn fi ń fọrun, ọṣẹ àti kálísíọ́mù á di nǹkan funfun tí kì í bá omi lọ, irun ló máa jókòó lé. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́. Ṣámpù tó ń fọ gírísì wúlò, torí òróró àti kọndíṣọ́nà tó ti dì jọ lè bo kálísíọ́mù mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó ìyẹn kúrò. Àmọ́ kálísíọ́mù fúnra ẹ̀, nǹkan kíkan bíi fínígà ló ń tú u, tàbí ṣámpù tí wọ́n kọ EDTA sí ẹ̀yìn ìgò ẹ̀. Báìkábù ní tiẹ̀, ẹ má dán an wò, ìpẹ́ tó wà lára irun ló máa ń gbé sókè, irun á wá túbọ̀ lọ́ pọ̀ ni.

Kó tó kan fínígà, Àdùnní, wádìí omi náà ná. Rọ omi ilé yẹn sínú rọ́bà kan kó dé ìdajì, rọ omi òjò sínú òmíràn, ha ọṣẹ gidi díẹ̀ sínú méjèèjì, iye kan náà o, kí o dé wọn kí o mì wọ́n. Má lo ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ìyẹn máa ń hó nínú omi líle náà, kò ní jẹ́ o mọ ìyàtọ̀.

Ṣadé Onírun: Èmi ò ní omi líle o àmọ́ irun iwájú mi ń já, etí méjèèjì ti fẹ́ pá tán, ṣé fínígà yìí á jẹ́ kó hù padà?

Bọ̀dá Láńre: Rárá o àǹtí, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀. Fínígà ò ń mú irun hù. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń dirun kó le, ẹ tú u sílẹ̀ kíá, kí ẹ sì lọ rí dókítà awọ ara kó má di pé ojú ibẹ̀ pa dé.

Àdùnní: Mo ti ṣe ti rọ́bà yẹn. Omi òjò hó dé ẹnu, tilé yìí ò rú ìfófò kankan, ó kàn funfun bí omi ògì ni, kókó funfun sì léfòó lójú ẹ̀. Báwo wá ni kí n ṣe fínígà yẹn? Ṣé kí n kàn dà á lórí bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Láńre: Haà, má dà á bẹ́ẹ̀! Wo ara ìgò, èyí tí kíkan rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ni kí o lò. Ṣíbí ìjẹun méjì sínú omi lítà kan, omi òjò ló dáa jù. Kọ́kọ́ fi ṣámpù fọ gírísì kúrò, ṣan án, kí o wá rọra da omi fínígà yẹn láti ìdí irun dé ṣóńṣó, di ojú o, jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ṣan án kúrò, fi kọndíṣọ́nà sí i, inú kọndíṣọ́nà yẹn ni kí o ti fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Omi òjò ni kí o fi ṣan án kẹ́yìn, bí kò bá ju jọ́ọ̀gì kan lọ náà, torí tó bá jẹ́ omi ilé yẹn lo tún dà lé e, o tún ti ń kó kálísíọ́mù padà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí á fi rọ̀, lẹ́yìn náà kó máa tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí o tó tún ṣe é. Tí awọ orí bá ní egbò tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìláàsà, má fọwọ́ kàn án rárá, ó máa ta ọ́.

Káyọ̀dé: Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu, ẹ sáà se omi náà kó hó, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù.

Bọ̀dá Láńre: Ó máa dín in kù, ohun funfun inú kẹ́tù yẹn náà ló jáde. Ẹ jẹ́ kó tòrò kí ẹ da òkè ẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí sísè ò lè yọ, ó sì lè wà nínú omi yín pẹ̀lú.

Mọ̀mí Tèmi: Ẹni tó bá lówó kó ra fílítà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ṣáwà. Èmi rà á, irun mi sì dáa sí i.

Bọ̀dá Láńre: Èyí tí èédú wà nínú ẹ̀, kolorínì ló ń mú, kì í mú kálísíọ́mù. Èyí tó ń mú omi rọ̀ gan-an, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń da iyọ̀ sí ni.

Mọ̀mí Tèmi: Ẹ sọ tiyín, èmi mọ ohun tí mo fojú rí lórí ara mi.

Àdùnní: Mo ti ṣe é o. Ẹ̀yìn ọrùn tí mo máa ń bá jà ti ń tú pẹ̀lú òòyà, ó sì ti ń dán díẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ló ṣì rí ṣákiṣàki síbẹ̀.

Bọ̀dá Láńre: Tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ṣóńṣó yẹn ò bá yí padà lẹ́yìn ìgbà bíi mẹ́ta, kì í ṣe kálísíọ́mù mọ́, ó ti já ni, kí o fi sísọ́ọ̀sì gé e ló kù.

Àdùnní: Òórùn ńkọ́? Mo ń lọ síbi iṣẹ́ o.

Mọ̀mí Tèmi: Tó bá ti gbẹ o ò ní gbọ́ ọ mọ́. Fọ̀ ọ́ lálẹ́.