Ọgbẹ́ ọmọ mi pọ́n, ó ń ṣọyún: ṣé ká ṣì dúró?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Ọjọ́ kẹrin rèé tí àdá ṣá ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, ní ojúgun lóko àgbàdo. Omi tí mo sè tó ti tutù àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Màá da omi náà lé e títí ìdọ̀tí yóò fi jáde, kí n tó fi gáàsì mímọ́ dì í. Aládùúgbò mi ní kí n tú kápúsù sí i, mo kọ̀.

Lánàá, etí ọgbẹ́ náà pọ́n, ó gbóná nígbà tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ọyún sì ń jáde. Mo fi báírò fa ìlà yí ibi tó pọ́n ká. Láàárọ̀ yìí, pupa náà ti fi ìbú ìka kan kọjá ìlà. Gáàsì lẹ̀ mọ́ ọn, omi ni mo fi rin ín kó tó ṣí.

Ibà kò mú un, kò sí ìlà pupa tó ń gun orókún, kókó kò sì sọ ní ìtan rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí ọ̀kan nínú wọn bá yọ, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá le, a ò gbọdọ̀ dúró rárá.

Bàbá rẹ̀ ní ká dúró di ọjọ́ ọjà. Èmi rò pé pupa tó ń tàn yìí ti tó ká lọ lónìí, pàápàá nítorí mi ò rántí ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, kí lẹ rí sí i?